Ohùn inú ọjà Bódìjà kò mọ́, ọjọ́ àdéhùn sì ti dé tán: kí ni kí n kọ sí oníbàárà mi?

Àdùnní Agbowó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá kan ló gbé iṣẹ́ àdàkọ ohùn fún mi. Wọ́n ń ṣèwádìí lórí àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń dá àjọ àti èésú ní Bódìjà. Rẹ́kọ́dù mẹ́jọ ni, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 400 ìṣẹ́jú. Inú ilé ni wọ́n ti gba mẹ́ta, ohùn ibẹ̀ já gaara, mo ti tẹ̀ wọ́n tán. Márùn-ún tó kù, tó jẹ́ 240 ìṣẹ́jú, nídìí ìsọ̀ ni wọ́n ti gbà wọ́n. Jẹ́nẹ́rétọ̀ ń ké nínú méjì. Nínú mẹ́ta yòókù, ẹ̀rọ ọlọta ń lọ, àwọn ìyá bíi mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, alábàárù tún ń ké "àgò lọ́nà!" láàárín wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di rúdurùdu.

Ìwé àdéhùn wa sọ pé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni mo máa jíṣẹ́, àti pé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ péye dé 98 nínú 100. Rẹ́kọ́dù inú ilé nìkan ni wọ́n fi hàn mí kí a tó fẹnu kò. Ohun tí mo kọ láti fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, iṣẹ́ yín máa pẹ́ díẹ̀ nítorí ariwo pọ̀ nínú rẹ́kọ́dù. Mò ń gbìyànjú gan-an, ó máa tó parí. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa dára. Ẹ ṣeun mà."

Ṣé ó bójú mu? Àbí kí ni mo lè fi kún un?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ gbé fáìlì yẹn sínú Audacity. Ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, tó jẹ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ nìkan ló ń ké, ẹ mú ibẹ̀, ẹ lọ sí `Noise Reduction`, ẹ tẹ `Get Noise Profile`. Lẹ́yìn náà ẹ mú gbogbo fáìlì pátá, ẹ padà síbẹ̀, ẹ tẹ `OK`. Ariwo tán nìyẹn. Ẹ sọ fún màmá pé 98 dájú, kò tiẹ̀ sí lẹ́tà kankan láti kọ.

Sísí Sángo

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí o. Èmi náà tẹ ìwàásù kan fún ìjọ kan lọ́dún tó kọjá, gbogbo ìgbà tí pásítọ̀ bá ti fẹ́ sọ kókó ọ̀rọ̀ ni oníkíbọ́ọ̀dù máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, wọn ò san ìdajì owó tó kù títí dòní. Àdùnní, gba owó rẹ kó o tó fi nǹkan kan ránṣẹ́ o. Ohun tí mo rí sí i nìyẹn.

Àdùnní Agbowó

Sísí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Owó kọ́ ni ìṣòro tèmi, màmá ti san ìdajì, èèyàn dáadáa sì ni wọ́n. Ohun tí mo máa sọ fún wọn nípa ọjọ́ àti ìpéye ni mò ń wá.

Alàgbà Kásẹ́ẹ̀tì

Ọmọ Mọ́kọ́lá, o sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Ariwo jẹ́nẹ́rétọ̀ kì í yí padà, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló ṣe ń lọ, ìyẹn ni kọ̀ǹpútà fi lè dá a mọ̀ kó sì dín in kù. Àmọ́ tí ìyá méjì bá ń sọ̀rọ̀ lórí ara wọn, ohùn èèyàn ni méjèèjì, kò sí ohun tí `Noise Reduction` máa fi mọ èyí tí o fẹ́ gbọ́. Fún fáìlì jẹ́nẹ́rétọ̀, kí o dín ariwo kù ní 6 sí 10 dB ti tó. Bí o bá gbé e lọ sí 25, ohùn á máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi, á sì jẹ f, s àti ṣ mọ́ ariwo, torí pé ariwo ni àwọn lẹ́tà yẹn náà jọ létí kọ̀ǹpútà. Orí ẹ̀dà ni kí o ti ṣe é, má fọwọ́ kan fáìlì gidi. Ó ń ran etí lọ́wọ́ kó má tètè rẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni mo fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ̀rọ̀ tí gbohùngbohùn kò gbà di ọ̀rọ̀ tí a gbọ́.

Àdùnní, ó dára láti bẹ oníbàárà, àmọ́ lẹ́tà rẹ kò sọ nǹkan kan tí màmá lè mú lò. "Díẹ̀" yẹn, ṣé ọjọ́ méjì ni àbí ọ̀sẹ̀ méjì? "Ó máa dára" yẹn, ṣé 98 ni àbí 80? Màmá ní ẹni tí àwọn náà ń jíṣẹ́ fún. Bí o kò bá fún wọn lọ́jọ́, ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa pè ọ́.

Kí o tó kọ lẹ́tà mìíràn, lọ dán fáìlì wò. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gé ìṣẹ́jú márùn-ún láti àárín. Má ṣe gé e láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìkíni ló máa ń wà níbẹ̀, ẹni kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń sọ̀rọ̀. Bí o bá ní ffmpeg lórí kọ̀ǹpútà:

```
ffmpeg -i bodija4.m4a -ss 00:20:00 -t 300 idanwo4.wav
```

Tẹ ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn bí o ṣe máa tẹ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn àti orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wo aago: ìṣẹ́jú mélòó ló gbà ọ́? Ohùn tó mọ́, wákàtí kan rẹ̀ ń gba akọ̀wé tó mọṣẹ́ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Èyí tó ní ariwo lè gba méje, ó lè gba mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ka ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀, kí o ka ibi tí o kò gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, fún ẹlòmíràn ní ìṣẹ́jú márùn-ún náà kó tẹ̀ ẹ́ láìwo tìrẹ, kí o wá fi méjèèjì wéra. Ibi tí ẹ ti yàtọ̀ síra ni àṣìṣe fara pa mọ́ sí. Èsì yẹn ni kí o gbé lẹ́tà rẹ lé.

Bàbá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ́

Alàgbà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n dá yín dúró díẹ̀ níbi "fún ẹlòmíràn". Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá yẹn fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ìwé náà sọ pé àwọn tó wà nínú ìwádìí nìkan ló máa gbọ́ ohùn wọn. Ọ̀rọ̀ owó ni, wọ́n ń dárúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Kí Àdùnní kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá kó tó fi létí ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì. Láti ọ̀dọ̀ tiwa, 98 tàbí 90 kọ́ ni olórí ìṣòro. Ibi tí àṣìṣe bọ́ sí ni. Bí akọ̀wé bá tẹ "ó ti san" níbi tí ìyá ti sọ pé "kò tíì san", ọ̀rọ̀ kékeré ló ṣì, àmọ́ ó ti sọ ajigbèsè di ẹni tó sanwó. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta" àti "ẹgbẹ̀rún mẹ́fà" náà, nínú ariwo ẹ̀rọ, ta ló máa fọwọ́ sọ̀yà? Bí àdàkọ bá péye dé 95, tó sì jẹ́ pé orí iye owó ni márùn-ún tó kù bọ́ sí, kò wúlò fún wa. Lẹ́tà tó bá sọ fún mi pé "mo fi àmì sí gbogbo iye owó tí kò dá mi lójú" ni mo máa dunnú sí jù.

Alàgbà Kásẹ́ẹ̀tì

Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, mo gbà. Àdùnní, títí màmá á fi dáhùn, ìwọ fúnra rẹ ni kí o tún un tẹ̀ ní ọjọ́ kejì láìwo ti àkọ́kọ́. Kò tó ti ẹlòmíràn, nítorí ohun tí o ṣì gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì bákan náà kò ní hàn. Nítorí náà, ohun tí o bá rí, kà á sí ibi tó dára jù tí ìpéye lè dé.

Akọ̀wé Kóòtù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tẹ̀wé ní kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun kan tí mi ò gbà láyé mi ni kí akọ̀wé máa méfò. Bí o kò bá gbọ́ ọ, fi àlàfo sílẹ̀, kí o kọ àkókò sí i: [kò gbọ́ 00:23:41]. Ó tán.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Mà, tí ó bá wá jẹ́ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ ńkọ́? Etí mi sọ pé "mẹ́fà" ni, kó jẹ́ díẹ̀ ni kò dá mi lójú. Bí mo bá fi àlàfo sílẹ̀, ohun tí mo mọ̀ ti sọnù nìyẹn. [mẹ́fà? 00:23:41] ni èmi máa ń kọ.

Akọ̀wé Kóòtù

Lọ́wọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á, àmì ìbéèrè yẹn wúlò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn máa yọ àmì yẹn kúrò, "mẹ́fà" á sì di òtítọ́. Ojú mi ti rí i rí.

Bàbá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ́

Àwa máa ń fẹ́ àmì ìbéèrè, mà. À ń padà sí ohùn fúnra wa láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwádìí yàtọ̀ sí kóòtù.

Akọ̀wé Kóòtù

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò yí ohùn padà.

Àdùnní Agbowó

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo ti ṣe é. Àbájáde rẹ̀ rèé.

Fáìlì jẹ́nẹ́rétọ̀ méjèèjì, 110 ìṣẹ́jú lápapọ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún gbà mí ní ìṣẹ́jú 35. Nínú nǹkan bí 600 ọ̀rọ̀, 12 ni mi ò gbọ́. Nígbà tí mo tún un tẹ̀, 6 yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Fáìlì mẹ́ta tí àwọn ìyá ti ń sọ̀rọ̀ lórí ara wọn, 130 ìṣẹ́jú: ìṣẹ́jú márùn-ún gbà mí ní wákàtí kan gbáko. Nínú 600 ọ̀rọ̀, 42 ni mi ò gbọ́, 18 sì yàtọ̀ nígbà kejì.

Ohun mìíràn tó tún ń jẹ àkókò mi ni pé àwọn ìyá àgbà yẹn, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, "se" ni wọ́n ń pe "ṣe". Mi ò mọ̀ bóyá kí n tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Alàgbà Kásẹ́ẹ̀tì

O ṣeun. Wàyí o, o ti ní ohun tí o máa sọ. Jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Ti jẹ́nẹ́rétọ̀: ìṣẹ́jú kan ń gba méje. 110 lọ́nà méje jẹ́ 770 ìṣẹ́jú, nǹkan bíi wákàtí 13 nìyẹn. Ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ara wọn: ìṣẹ́jú kan ń gba 12, 130 lọ́nà 12 jẹ́ 1,560, wákàtí 26. Àròpọ̀ jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 39. Bí ohùn bá mọ́ ni, 240 ìṣẹ́jú yẹn ì bá gba wákàtí 16. Ohun tó fa ìdádúró rẹ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún màmá. Má fi ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ tàbí ara tí kò yá kún un, ìyẹn á sọ òótọ́ rẹ di àwáwí.

Má ṣírò ọjọ́ rẹ bí ẹni tó máa fi wákàtí mẹ́jọ gbọ́ ohùn lóòjọ́. Pẹ̀lú hẹ́dífóònù létí, lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, ohun tó wù ọ́ láti gbọ́ ni wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Márùn-ún ni kí o lò.

Ní ti ìpéye: ti jẹ́nẹ́rétọ̀, 18 nínú 600 ni kò dájú, ìyẹn 3 nínú 100. Ibi tó dára jù ni 97. Kọ 95 sí 97 fún wọn. Ti àwọn mẹ́ta yòókù, 60 nínú 600, 10 nínú 100. Ibi tó dára jù ni 90. Kọ 85 sí 90. Má pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di iye kan ṣoṣo, torí màmá á rò pé fáìlì inú ilé náà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn á sì gbẹ́kẹ̀ lé ti ọlọta ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí o tún béèrè bí wọ́n ṣe fi fáìlì náà ránṣẹ́. Ṣé orí Wáàsáàpù ni?

Àdùnní Agbowó

Orí Wáàsáàpù ni o, Alàgbà. Gbogbo rẹ̀ ní `.opus` lẹ́yìn.

Alàgbà Kásẹ́ẹ̀tì

Nígbà náà, ohun méjì ló lè jẹ́. Bó bá jẹ́ pé Wáàsáàpù gan-an ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gba ohùn náà lọ́jà, fáìlì gidi nìyẹn, kò sí èyí tó dára jù ú lọ níbì kankan. Àmọ́ bó bá jẹ́ rẹ́kọ́dà ni wọ́n lò, tí ẹnì kan wá gbé fóònù síwájú rẹ̀ kó lè fi í ránṣẹ́, a jẹ́ pé èyí tó mọ́ jù ú lọ ṣì wà nínú rẹ́kọ́dà. Kí wọ́n fi ìyẹn ránṣẹ́ bíi `Document`, kí Wáàsáàpù má baà fún un pọ̀. Béèrè rẹ̀ nínú lẹ́tà náà. Bí wọ́n bá rí i, tún ìdánwò rẹ ṣe kí o tó jókòó tì í, ó lè dín wákàtí rẹ kù.

Sísí Sángo

Haà, mi ò mọ èyí rí. Ìwàásù yẹn, láti ara ẹ̀rọ ìjọ ni wọ́n ti fi fóònù gbà á!

Àdùnní Agbowó

Mo ti tún lẹ́tà kọ. Ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́ ní alẹ́ yìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ sì kú àfaradà wa.

Mo kọ̀wé yìí lórí iṣẹ́ àdàkọ Bódìjà tó yẹ kí n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì yìí. Àwọn rẹ́kọ́dù mẹ́ta tí ẹ gbà nínú ilé ti parí, mo fi wọ́n mọ́ lẹ́tà yìí. Wọ́n péye dé ìwọ̀n 98 tí a fẹnu kò sí.

Márùn-ún tí ẹ gbà lọ́jà kò lè parí lọ́jọ́ Ẹtì. Mo dán ìṣẹ́jú márùn-ún wò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú fáìlì 4 àti 5, jẹ́nẹ́rétọ̀ bo ohùn díẹ̀, wákàtí kan rẹ̀ ń gbà mí ní wákàtí méje. Nínú fáìlì 6, 7 àti 8, àwọn ìyá ń sọ̀rọ̀ lórí ara wọn nídìí ẹ̀rọ ọlọta, wákàtí kan ń gbà mí ní wákàtí 12.

Ẹ ó rí fáìlì 4 àti 5 gbà ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Mo retí pé wọn yóò péye dé 95 sí 97 nínú 100. Ẹ ó rí 6, 7 àti 8 gbà ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àwọn wọ̀nyí kò lè dé 98, mà. 85 sí 90 ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà, torí àwọn ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ kò wọlé sínú rẹ́kọ́dù rárá.

Ibi tí mi ò bá gbọ́, mo máa kọ [kò gbọ́] pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Ibi tí mo gbọ́ tí kò dá mi lójú, mo máa fi àmì ìbéèrè sí i. Gbogbo iye owó, orúkọ èèyàn, àti ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹnì kan san tàbí kò san, mo máa tún wọn gbọ́ lọ́tọ̀. Àwọn tí kò bá ṣì dá mi lójú, mo máa kó wọn jọ sójú ewé kan kí ẹ lè yẹ̀ wọ́n wò fúnra yín.

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé rẹ́kọ́dà ni ẹ lò lọ́jà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi fi fáìlì inú rẹ̀ gan-an ránṣẹ́ bíi `Document`. Ẹ fún mi ní orúkọ àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ àti orúkọ ẹgbẹ́ àjọ wọn. Ẹ sọ fún mi bóyá kí n tẹ "se" bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tàbí kí n kọ ọ́ ní "ṣe". Mo sì fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ yín kí ẹlòmíràn tẹ́tí sí fáìlì 6 sí 8 pẹ̀lú mi, bí ìwé tí àwọn ìyá fọwọ́ sí bá gbà bẹ́ẹ̀.

Bí ọjọ́ yìí kò bá bá yín lára mu, ẹ sọ fáìlì tí ẹ nílò jù nínú 6, 7 àti 8, òun ni mo máa kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ ṣeun mà."

Bàbá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ́

Èyí ni lẹ́tà. Ibi "ẹ sọ fáìlì tí ẹ nílò jù" yẹn, ó dára púpọ̀. Nígbà míràn, ẹyọ kan ṣoṣo la máa ń fẹ́ lò nínú mẹ́ta.

Akọ̀wé Kóòtù

Níbi tí o ti kọ pé àwọn mẹ́ta inú ilé "péye dé 98", ṣé o dán àwọn náà wò ni, àbí nítorí pé ohùn wọn mọ́?

Àdùnní Agbowó

Ẹ káre mà. Mi ò dán wọn wò. Màá gé ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lálẹ́ yìí kí n tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Èsì yẹn ló máa sọ bóyá 98 yẹn á dúró.

Sísí Sángo

Ẹni kejì tó máa bá ẹ tẹ́tí ńkọ́? Ta ló máa sanwó fún un, ìwọ ni àbí màmá? Kò sí nínú lẹ́tà o.

Alàgbà Kásẹ́ẹ̀tì

Èmi ni màá san án bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, kó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti ìpéye nìkan ni lẹ́tà yìí ń sọ.

Sísí Sángo

Alàgbà, ẹ̀yin ti jẹun yó ni. Àdùnní kọ́ ló fà á tí 98 kò fi ṣeé ṣe, màmá ló gbé ariwo ọjà wá. Màmá ni kó san án.

Bàbá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ́

Ó sinmi lórí bóyá owó ìwádìí ṣì kù nílẹ̀. Àdùnní, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fún ọ ní àyè, kí o tó dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀.